Ta ni yóò san owó ọkọ̀, adójútòfò àti owó kọ́sítọ́ọ̀mù? Bí a ṣe ń wò ó kí a tó ra ọjà láti òkè òkun

Ká ní ẹ fẹ́ ra ẹ̀rọ ìránṣọ lọ́wọ́ olùtà kan ní Ṣáínà, kí ó sì gba èbúté Apapa wọlé. Ẹ má tíì fi dọ́là kankan ránṣẹ́. Ẹ kọ́kọ́ gba ínfóìsì, kí ẹ wo ẹ̀gbẹ́ iye owó. Lẹ́tà mẹ́ta gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, orúkọ ibì kan gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì kọ òfin tí wọ́n ń tẹ̀ lé, báyìí:

```
USD 8,000 FOB Ningbo, Incoterms 2020
```

Bí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọnù, ẹ dá ínfóìsì náà padà. Mo ti rí èyí tí wọ́n kọ "FOB Lagos" sí. Irọ́ ni. Èbúté tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ ni FOB máa ń dárúkọ, kì í ṣe èyí tó ń lọ. Olùtà tó kọ bẹ́ẹ̀ lè ní títí dé Èkó lòun máa sanwó, kó tún yí ohùn padà nígbà tí owó yín bá ti wọlé.

Ìtúmọ̀ àwọn lẹ́tà mẹ́ta náà kò le. Nínú FOB, olùtà gbé ẹrù dé inú ọkọ̀ ní Ningbo, ó sì parí ti kọ́sítọ́ọ̀mù Ṣáínà; ìyókù di tiyín. Nínú CFR, ó san owó ọkọ̀ òkun dé Apapa. Nínú CIF, ó fi adójútòfò kún un. EXW ní tiẹ̀, ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́ rẹ̀ ló parí sí; bí ẹ kò bá ní ẹ́jẹ́ńtì gidi níbẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

CIF ló máa ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú. Wọ́n rí "CIF Apapa", wọ́n rò pé ọrùn olùtà ni ẹrù wà títí yóò fi gúnlẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Olùtà sanwó dé Apapa lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ẹrù ti wọ ọkọ̀ ní Ningbo ni ewu rẹ̀ ti di tiyín. CFR náà bẹ́ẹ̀. Bí omi òkun bá wọ inú páálí lójú ọ̀nà, olùtà kò jẹ yín ní ẹ̀rọ míì. Iléeṣẹ́ adójútòfò ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo irú adójútòfò tó rà. CIF kò fi dandan lé e ju èyí tó kéré jù lọ, tí wọ́n ń pè ní Institute Cargo Clauses C. Iná àti ọkọ̀ tó rì wà nínú rẹ̀. Olè kò sí níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni omi òkun tó kàn rọra wọ inú ẹrù. Clauses A ló gbòòrò. Pẹ̀lú ìyẹn, òfin Nàìjíríà fẹ́ kí iléeṣẹ́ adójútòfò tó forúkọ sílẹ̀ nílé níbí dáàbò bo ẹrù tó ń wọlé, ìwé rẹ̀ ni ẹ sì máa fi ṣe Fọ́ọ̀mù M, ìyẹn fọ́ọ̀mù tí ẹ máa gba báǹkì kọ kí ẹrù tó wọlé. Ẹni tó bá gba CIF lè sanwó adójútòfò lẹ́ẹ̀mejì. FOB tàbí CFR ni kí ẹ gbà, kí ẹ ra Clauses A níbí.

Bí ẹrù yín kò bá kún kọ̀nténà, FOB ni, kí ẹ fúnra yín wá ẹni tí yóò kó o. Ìdí ni pé olùtà tó ń kó o lè sọ pé owó ọkọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Ẹ́jẹ́ńtì rẹ̀ ní Èkó, tí ẹ̀yin kò yàn, ni yóò wá gba owó náà padà lára yín kó tó fún yín ní ìwé ìgbẹ́rù. Bí ẹ bá ti gba CFR, ẹ béèrè iye tí ẹ́jẹ́ńtì náà máa gbà, kí ó wà nínú íméèlì kí ẹ tó san owó àsansílẹ̀.

Ó ku owó kọ́sítọ́ọ̀mù. Nínú FOB, CFR àti CIF, tiyín ni. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kò wo FOB tó wà lórí ínfóìsì nìkan. Wọ́n á fi owó ọkọ̀ àti adójútòfò kún un kí wọ́n tó ṣírò. Bí ẹrù bá jẹ́ dọ́là 8,000, ọkọ̀ 1,200, adójútòfò 100, orí 9,300 ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Ká ní ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni owó kọ́sítọ́ọ̀mù ọjà náà, 930 ni ẹ máa san, kì í ṣe 800, kí VAT àti àwọn owó kéékèèké míì tó wọlé. Ẹ gba HS code, nọ́ńbà tí kọ́sítọ́ọ̀mù fi ń dá irú ọjà mọ̀, lọ́wọ́ olùtà, kí ẹ fún ẹ́jẹ́ńtì yín kó bá yín wo iye tó wà lórí rẹ̀. Ìpè fóònù kan ni, ó sàn ju kí ẹrù jókòó sí èbúté kí dìmọ́réèjì, owó ìdádúró ẹrù, máa gorí ara.

Olùtà míì á ní DDP lòun máa ṣe, pé òun á san gbogbo rẹ̀ dé ilé yín. Ẹ béèrè orúkọ ẹni tó máa wà lórí ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù. Bí kì í bá ṣe tiyín, ẹ kò ní rísíìtì, ẹ kò sì ní ohun tí ẹ máa fi gbèjà ara yín bí wọ́n bá gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù. Ẹ ní kó ṣe DAP: ó gbé ẹrù dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ̀yin san owó kọ́sítọ́ọ̀mù lórúkọ ara yín. Ẹ wá alábàárù sílẹ̀ ṣá o, nítorí sísọ ẹrù kalẹ̀ látorí ọkọ̀ kò sí nínú DAP.