Ẹ má da iṣẹ́ yín sínú "humanizer"

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ àpilẹ̀kọ àṣekágbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ yàgò fún àwọn ìkànnì tó ń pe ara wọn ní "humanizer". Wọ́n kàn ń pààrọ̀ ọ̀rọ̀, wọ́n ń tún gbólóhùn tò, kí ẹ̀rọ tó ń wá ọwọ́ AI má baà dá a mọ̀. Wọn ò mọ ọ̀rọ̀ tí kò ṣe é pààrọ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹ kọ ọ́ pé ẹ ò rí ẹ̀rí tó tó pé oògùn kan ń dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù (p = 0.08). Humanizer lè sọ ọ́ di "oògùn náà kò ṣiṣẹ́". Nọ́ńbà yẹn kò sọ bẹ́ẹ̀ rárá, ẹ̀yin ni olùdánwò yóò sì bi.

Láti 2025 ni Turnitin, ẹ̀rọ tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ fi ń yẹ iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ wò, ti ń wá àmì irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, torí náà iṣẹ́ tí ẹ fọwọ́ ara yín kọ lè di ẹ̀sùn bí ẹ bá dà á sínú humanizer. Inú Google Docs ni kí ẹ ti máa kọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá fura sí yín, ẹ ṣí File > Version history > See version history, kí ẹ fi bí ẹ ṣe kọ ọ́ hàn wọ́n. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ẹ lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ni, kò ní í gbè yín.