Kókó wẹ́wẹ́ etí irun iwájú orí: bí a ṣe ń dá a mọ̀ àti bí a ṣe ń wò ó sàn

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí a ń bẹ àwọn tó ń ṣe gààrí wò ní abúlé kan lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, ìyá kan pè mí sí ẹ̀gbẹ́ agbada rẹ̀, ó tú gèlè orí rẹ̀, ó sì ní kí n wo iwájú orí òun. Kókó wẹ́wẹ́ ló tò láti ẹ̀bátí ọ̀tún dé ẹ̀bátí òsì. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn kò ju hóró gààrí lọ, àwọ̀ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ara rẹ̀, wọn kò dùn ún, wọn kò sì ní ọyún nínú. Ó ti tó oṣù 5 tí wọ́n ti wà níbẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti sọ fún un pé ooru iná ló fà á, ó sì ń fi kànrìnkàn àti ọṣẹ dúdú bó ibẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́, débi pé omi lásán ti ń ta á lára. Mo ní kí ó fi ìka ra etí irun rẹ̀, kí ó sì fi ìka náà tẹ abala ìwé funfun kan. Ojú ibi tó tẹ̀ náà hàn gbangba bí ìwé tí wọ́n fi di àkàrà, ìmọ́lẹ̀ ń là á kọjá. Epo irun ló wà ní iwájú orí rẹ̀, ooru iná kàn ń bá a yọ́ ọ sọ̀ kalẹ̀ ni.

Ẹnikẹ́ni lè fi ìwé dán ara rẹ̀ wò bẹ́ẹ̀ nílé. Ẹ ṣe é ní ọ̀sán, nígbà tó ti tó wákàtí mẹ́ta tí ẹ ti fi ìpara sí irun, kí ẹ má sì kọ́kọ́ bọ́jú. Bí ìwé bá gba epo ní etí irun, tí ibi tí ẹ tẹ̀ ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ kò sì gba epo tó bẹ́ẹ̀, ẹ ti mọ ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀.

Bí epo irun ṣe ń di kókó

Ihò wẹ́wẹ́ ni irun kọ̀ọ̀kan ti ń jáde, àní irun tín-ín-rín tí ojú kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ní iwájú orí. Ọ̀rá ara ń gba ihò yìí jáde wá sí ojú awọ, èèpo awọ tó ti kú sì ń bá a jáde. Nígbà tí ìpara tó ki, yálà òrí ni, àdí ni, òróró àgbọn ni tàbí ìpara irun inú agolo, bá ń bo ẹnu ihò náà lójoojúmọ́, èèpo tó yẹ kí ó bọ́ lọ á lẹ̀ mọ́ra, á sì dí ẹnu ihò. Ọ̀rá á máa kó jọ sí abẹ́ rẹ̀, awọ á sì wú díẹ̀. Kókó tí à ń rí nìyẹn. Kì í ṣe ìdọ̀tí, ìdí nìyí tí bíbó kò fi lè mú un kúrò. Ẹni tó bá ń bó o ń ṣe awọ léṣe ni, ojú ọgbẹ́ náà á sì di àpá dúdú tó máa pẹ́ ju kókó gan-an lọ.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1970, àwọn oníṣègùn awọ ara ní Amẹ́ríkà kọ nípa irú irorẹ́ yìí lára àwọn ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tó ń fi ìpara sí irun, wọ́n sì pè é ní irorẹ́ ìpara irun. Ó máa ń gba oṣù kan, méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó yọ, nítorí náà ẹni tó ń lò ó kì í ronú kan ìpara tó ti mọ́ ọn lára.

N kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni ju òrí rẹ̀ nù. Awọ orí àti irun wa nílò rẹ̀, pàápàá nígbà ọyẹ́. Ibi tí a ń fi í sí, àti bí ó ṣe ń rìn dé iwájú orí, ni ọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo ní kí ìyá náà ṣe bó ṣe ń ṣe láàárọ̀ kí n rí i, ó bu òrí àti àdí tó pò pọ̀, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra irun láti iwájú lọ sẹ́yìn, ó sì fi èyí tó ṣẹ́ kù lọ́wọ́ pa ojú. Lẹ́yìn náà ló wé gèlè tó ti wé láti ọjọ́ mẹ́rin, tí epo ti gbẹ sí etí rẹ̀. Ọ̀nà mẹ́ta ni epo gbà dé iwájú orí rẹ̀: ọwọ́, gèlè, àti òógùn ẹ̀gbẹ́ iná.

Ohun tí a ní kí ó ṣe

Ó kọ́kọ́ fi ọṣẹ ìfọrun fọ irun rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì léraléra kí epo tó ti pẹ́ lè kúrò, ó gbé orí sẹ́yìn kí omi má ṣàn sí iwájú orí, ó sì fọ ojú gbẹ̀yìn. Láti ọjọ́ náà, orí ìka ló fi ń bu ìpara, ojú ìlà tí wọ́n fi pín irun nìkan ló ń fi í sí, ó sì ń fi ìwọ̀n ìka méjì sílẹ̀ sẹ́yìn etí irun láìfi nǹkan kan kàn án. Bó bá ti ṣe tán, á fi ọṣẹ fọ ọwọ́ kí ó tó fọwọ́ kan ojú. Ó ń wé aṣọ òwú fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan sábẹ́ gèlè, ó sì ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́. Ó ń fọ aṣọ ìrọ̀rí lọ́sẹ̀lọ́sẹ̀. Bí ó bá kúrò nídìí agbada, á fi omi àti ọṣẹ tí kò le bọ́jú pẹ̀lú ọwọ́ lásán, kànrìnkàn kò sí níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọkùnrin tó ń dé fìlà lọ sóko, àti àwọn tó ń fi òṣùká ru apẹ̀rẹ̀ kaṣú, lè ṣe bákan náà, nítorí etí fìlà àti òṣùká a máa gba epo bí gèlè.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń padà sí kànrìnkàn tàbí tí wọ́n ti ń ra ìpara kíún tó ń bóra. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rà á. Ọ̀pọ̀ nínú irú ìpara bẹ́ẹ̀ ní oògùn tó ń mú kí ara tètè rọ̀, tó sì ń sọ awọ di fẹ́lẹ́, tí í fúnra rẹ̀ yọ irorẹ́. Bí a bá sì dáwọ́ rẹ̀ dúró, gbogbo rẹ̀ á tún rú jáde. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ àti ọṣẹ ìfọyín náà a máa jó awọ.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, kókó náà ti dín kù tó ìdajì, ibi tó kù sì ti rọ̀. Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta, àpá dúdú nìkan ló ṣẹ́ kù, èyí sì lè gba oṣù mélòó kan sí i kí ó tó parẹ́. Oòrùn a máa mú un dúdú sí i, nítorí náà ó dára kí a dé fìlà tó ní ìbòòji lóko.

Ẹni tí tirẹ̀ kò bá yí padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lè béèrè oògùn lọ́wọ́ àwọn apoògùn tó kẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ náà. Bẹ́ńsóìlì pẹrọkisáìdì ìdá 2.5 nínú 100 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, tín-ín-rín. A máa sọ aṣọ àti ìrọ̀rí di funfun, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó gbẹ kí ẹ tó wé nǹkan. Adapalíìnì ìdá 0.1 nínú 100 náà dára fún kókó tí kò ní ọyún: ìwọ̀n hóró ẹ̀wà kan fún gbogbo iwájú orí, lálẹ́ ọjọ́ kan síkejì ní ìbẹ̀rẹ̀. Aboyún àti ẹni tó ń fẹ́ lóyún kò gbọ́dọ̀ lo adapalíìnì.

Nígbà tí dídì irun bá ló fà á

Ọmọbìnrin ìyá kan náà, ọmọ ọdún 14, ní tirẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n di irun Iléyá fún un pẹ̀lú atáṣímẹ́ǹtì. Tirẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Ọjọ́ kejì ló ti yọ, kókó náà yí gbòǹgbò irun ká níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ ìdì, ó pọ́n, ó ń dùn ún, orí àwọn mìíràn sì funfun nítorí ọyún. Bí ó bá gbé ìpéǹpéjú sókè, gbogbo iwájú orí rẹ̀ á fà. Ó lo parasitamọ́ọ̀lù kí ó tó lè sùn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ gbangba: irun tí a nílò oògùn ìrora kí a tó lè fi orí lé ìrọ̀rí ti fún jù, kì í ṣe ohun tí a ń fara dà kí ẹwà lè yọ.

Oògùn irorẹ́ kọ́ ni ìyẹn nílò, títú ni. Wọ́n tú ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó wà ní iwájú ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìrora sì lọ sílẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi aṣọ mímọ́ tí a rì bọ inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ lé ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́. Wọn kò tẹ ọyún jáde, wọn kò sì fi ìpara kankan bò ó. Ó gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Tí ọyún bá ń tàn káàkiri, tí ara bá gbóná, tí kókó bá wú lẹ́yìn etí tàbí ní ọrùn, ẹ gbé ọmọ náà lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ má dúró.

Ẹ sọ fún onídìrí kí ó fi irun kéékèèké etí iwájú sílẹ̀ láìdì í mọ́ra, kí ó sì bẹ̀rẹ̀ ìdì pẹ̀lú ọwọ́ rírọ̀. Atáṣímẹ́ǹtì kí ó fúyẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ lọ lórí, ẹ sì jẹ́ kí orí sinmi kí ẹ tó di òmíràn. Ṣùkú tó kó gbogbo irun lọ sí àárín orí lágbára láti fa etí irun ju pàtẹ́wọ́ tí a dì pẹ̀lẹ́ lọ.

Ìdí tí mo fi tẹnu mọ́ èyí ni pé fífà léraléra a máa pa gbòǹgbò irun. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀bátí á fẹ́lẹ́, ìlà irun tín-ín-rín díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù ní iwájú gan-an bí wájà etí aṣọ. Ní ipò yẹn, bí a bá dáwọ́ fífà dúró, irun lè padà hù láàárín oṣù mélòó kan. Ṣùgbọ́n bí ibẹ̀ bá ti ń dán, tí ojú ihò irun kò hàn mọ́, oògùn inú agolo kankan kò lè dá a padà.

Bí kókó náà bá ń yún gidigidi, tí ó bá sì tún yọ ní àyà àti ẹ̀yìn, ó lè jẹ́ irú èyí tí olú tíntìntín tí ojú kò lè rí, tó ń gbé lójú awọ, ń fà, kì í ṣe epo irun. Ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀, nítorí náà kí oníṣègùn wò ó kí ẹ tó ra ohunkóhun.