Wáyà lókè, ike nísàlẹ̀: bí mo ṣe to eyín mi n'Ìbàdàn

Wáyà ni mo fi to eyín òkè, ike tó mọ́ gaara, tí à ń wọ̀ sórí eyín tó sì ṣeé yọ, ni mo fi to tìsàlẹ̀. Eyín ajá kan lápá ọ̀tún òkè ló fà á. Ó yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ilẹ̀kùn tí wọn ò tì dé ibi tó yẹ. Ara eyín ajá rí roboto, ike kì í fi bẹ́ẹ̀ rí igun dì mú lára rẹ̀, ṣe ló máa ń yọ̀. Bírákẹ́ẹ̀tì, ohun kékeré tó di wáyà mú, ní tirẹ̀ lẹ̀ mọ́ eyín, wáyà á sì máa fà á yí díẹ̀díẹ̀. Àwọn eyín iwájú ìsàlẹ̀ kàn fún ara wọn díẹ̀ ni. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ṣòro fún ike.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n ya ẹsíréè, wọ́n sì fọ eyín mi. Ẹ má fo èyí o. Eegun tó wà níwájú eyín ló ń yọ́ kí eyín tó rìn, òmíràn á sì hù lẹ́yìn rẹ̀. Bí àìsàn bá ti jẹ èrìgì, eyín tí a ń tì á kàn máa mì ni.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni mo fi ń padà lọ kí wọ́n tún wáyà ṣe. Bó bá ń ha ètè, mo máa ń fi tíṣù nu bírákẹ́ẹ̀tì náà gbẹ, kí n tó lẹ ìda tó tó hóró ẹ̀wà mọ́ ọn. Ìda kì í dúró lórí itọ́. Egungun ẹran àti àgbàdo sísun ló sábà máa ń ṣí bírákẹ́ẹ̀tì. Fi ahọ́n tì í: bó bá ń rìn lórí wáyà, ó ti ṣí nìyẹn. Má dúró de ọjọ́ àdéhùn, torí kò sí ohun tó ń fa eyín yẹn mọ́.

Wákàtí 22 lójúmọ́ ni ike gbọdọ̀ fi wà lẹ́nu. Mo ń pààrọ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ 14 sí 14, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń ti eyín ní nǹkan bíi 0.25 mm. Òde Sátidé ló ń ba èyí jẹ́: àmàlà, ẹran, ọtí ẹlẹ́rìndòdò, títí ilẹ̀ á fi ṣú láìtún un kì bọ ẹnu. Lọ́jọ́ kejì, wo etí eyín nínú dígí. Bí àlàfo bá wà láàárín orí eyín àti ike, eyín ti ṣẹ́yìn. Má bọ́ sórí ike tó kàn. Pe dókítà, ó lè ní kó o padà sórí èyí tó ṣáájú. Omi tútù nìkan ni kó o fi fọ̀ ọ́, omi gbígbóná á ká a kò.

Nígbà tí wọ́n tú wáyà, wọ́n fún mi ní ike adáeyíndúró fún alẹ́. Okùn tín-ín-tín inú èrìgì ṣì ń fa eyín ajá yẹn padà síbi tó ti wá. Bí ike náà bá fún lálẹ́ ọjọ́ kan, eyín ti ń rìn padà. Wọ̀ ọ́ tọ̀sán-tòru títí á fi rọ̀ lẹ́nu. Bí kò bá wọlé tán mọ́, má fi agbára tì í, padà sọ́dọ̀ dókítà.