Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó fẹ́ yọ fídíò kúrò lórí ìkànnì YouTube wọn

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í sọ lẹ́nu, ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Kétu níbí, bí ẹnì kan bá ti rí fídíò méjì-mẹ́ta tí kò fẹ́ lórí ìkànnì rẹ̀ mọ́, gbogbo ìkànnì náà ló máa fẹ́ pa rẹ́. Àwọn kan tilẹ̀ ń sanwó fún ẹni tí yóò bá wọn pa á rẹ́! Orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́.

Àṣìṣe kìíní nìyẹn: ẹ má pa ìkànnì rẹ́ nítorí fídíò díẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà tó máa ń ya eré Gẹ̀lẹ̀dẹ́. Alábàápín rẹ̀ ti lé ní 3,000, púpọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Kétu tó wà ní Kùtọ̀nú, Èkó àti ilẹ̀ Faransé. Àwọn àgbà agbo ilé kan wá fẹjọ́ sùn pé nínú fídíò mẹ́rin, ojú ẹni tó máa gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ jáde hàn níbi tí wọ́n ti ń wọ aṣọ fún un. Ẹjọ́ àwọn àgbà tọ́, ṣùgbọ́n fídíò mẹ́rin péré ni wọ́n sọ. Ó sáré lọ sí ṣọ́ọ̀bù ẹnì kan. Onítọ̀hún gba 5,000 fránkì lọ́wọ́ rẹ̀, ó wọ `Paramètres`, ó wọ `Paramètres avancés`, ó tẹ `Supprimer la chaîne`, ó sì pa ohun gbogbo rẹ́ pátápátá.

Nígbà tó fi máa dé ọ̀dọ̀ mi, ó ti ṣí ìkànnì tuntun, orúkọ kan náà, àwòrán kan náà. Ó ń béèrè ìgbà tí àwọn èèyàn rẹ̀ máa padà. Báwo ni wọ́n ṣe máa padà? Ìkànnì ti tẹ́lẹ̀ ni wọ́n forúkọ sílẹ̀ sí, ìyẹn sì ti lọ pẹ̀lú gbogbo wọn. YouTube kì í kó alábàápín láti ìkànnì kan lọ sí òmíràn, kì í sì í ránṣẹ́ sí wọn pé ẹ ti ṣí tuntun. Línkì tó ti fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp kò ṣí mọ́. Ọ̀rọ̀ tí àwọn ìyá àgbà ní kí àwọn ọmọ wọn bá wọn kọ sábẹ́ fídíò, tí wọ́n fi ń ṣàlàyé orin Ẹ̀fẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti pòórá. Èyí ló dùn mí jù.

Ohun tó yẹ kó ṣe kò le. Kó wọ YouTube Studio, kó tẹ `Contenu`, kó fàmì sí fídíò mẹ́rin náà, kó tẹ `Modifier`, kó mú `Visibilité`, kó wá yàn `Privée`. Ẹnikẹ́ni ò ní rí wọn mọ́, alábàápín rẹ̀ á sì wà níbi tí wọ́n wà. Bí òun àti àwọn àgbà bá wá fẹnu kò pé kí mẹ́rin yẹn lọ títí láé, ìgbà náà ni kó pa wọ́n rẹ́. Bó bá sì jẹ́ pé ojú nìkan ni wọ́n ń bá a jà sí, `Éditeur` wà nínú Studio tó lè bo ojú náà tàbí kó gé ibẹ̀ kúrò. Línkì fídíò náà, iye ìgbà tí wọ́n ti wò ó, ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀, kò sí èyí tó ń yí padà. Àmọ́ tí wíwò fídíò kan bá ti ju 100,000 lọ, ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ kí ẹ gé e. Bíbo ojú ni yóò ṣì gbà.

Èkejì: ẹni tó bá pa àkáǹtì Google rẹ̀ rẹ́ ti pa ìkànnì rẹ̀ rẹ́ mọ́ ọn.

Òmíràn tún ni àwọn tó ń yan `Non répertoriée` tí wọ́n rò pé àwọn ti fi fídíò pamọ́. Ẹni tó bá ní línkì rẹ̀ lọ́wọ́ ṣì ń wò ó, línkì ọ̀hún sì ti wà nínú gbogbo ẹgbẹ́ WhatsApp ìlú.

Ẹni tó bá sì ń lé 1,000 alábàápín àti wákàtí wíwò 4,000 tí YouTube ń béèrè kó tó jẹ́ kéèyàn máa gbowó ìpolówó, kó fara balẹ̀. Wákàtí fídíò tó bá ti di `Privée`, `Non répertoriée` tàbí tí wọ́n ti pa rẹ́ kì í wọ inú ìṣirò. Ẹ kọ́kọ́ wo iye wákàtí tí fídíò náà ń mú wá kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má sì pa fídíò rẹ́ nítorí ìkìlọ̀ ẹ̀tọ́ àdàkọ, torí pé ìkìlọ̀ náà ò ní tìtorí ẹ̀ kúrò.

Bó bá wá di dandan kí fídíò kan lọ, ẹ kọ́kọ́ gbà á sílẹ̀, torí ẹ ò lè rí i gbà padà. Èyí tí ẹ bá gbà láti inú Studio máa ń wá ní 720p tàbí 360p. Bí ẹ bá ní fídíò púpọ̀ láti kó, Google Takeout ni kí ẹ lò, ẹ sì dúró kí gbogbo rẹ̀ wọlé tán, kí ẹ ṣí wọn wò lórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ tó tẹ `Supprimer`.