Ẹ má gé fótò yẹn: àṣìṣe tí a máa ń ṣe tí a bá ń wá oríta tí kò lórúkọ

Ẹ̀yin ará, fótò oríta tí ẹ bá gbé wá tí ẹ ní “ẹ jọ̀ọ́ níbo lèyí”, bó ṣe máa ń le tó yẹn, púpọ̀ nínú ẹ̀bi náà kì í ṣe ti oríta o, ọwọ́ àwa tí a gbé e wá ló ti ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan tí a jọ wá láìpẹ́ yìí ṣàlàyé, torí pé gbogbo àṣìṣe tó wà láyé ló kó síbẹ̀.

Àbúrò kan gbé fótò jọ́ńṣọ̀n kan wá. Ọ̀dà títì ńlá kan lọ gbọọrọ síwájú, ọ̀nà amọ̀ pupa kan ya sọ́wọ́ òsì, ṣọ́ọ̀bù páànù méjì, bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì, póòlù iná kan, àti bọ́ọ̀sì tó dúró. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ló yà á lọ́dún 2012 nígbà tí wọ́n ń ti òkú bọ̀, ẹ̀gbọ́n náà ò rántí ibi tí wọ́n ti yà dúró mọ́, àmọ́ òun “mọ̀ pé agbègbè Ìbàdàn ni”. Ó sì mọ̀ lóòótọ́ lójú ara rẹ̀, torí náà ọjọ́ méjì gbáko la fi tú gbogbo ọ̀nà tó jáde n'Ìbàdàn, Ìwó Road, ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀nà Ọ̀yọ́, a ò rí nǹkan kan. Ẹ wò ó, tí ẹ bá ní èrò lọ́kàn, ẹ sọ pé èrò ni, kí ẹ sì sọ ohun tó gbé èrò náà dé. Nígbà tí a bi í, ohun tó ní lọ́wọ́ ò ju méjì lọ: nọ́ḿbà bọ́ọ̀sì náà jẹ́ ti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì sì kọ àdírẹ́sì Ìbàdàn.

Àwọn méjèèjì yìí ló ń tan èèyàn jù. Nọ́ḿbà ọkọ̀ ń sọ ibi tí wọ́n ti forúkọ ọkọ̀ sílẹ̀ ni, kò sọ ibi tí ọkọ̀ wà, pàápàá bọ́ọ̀sì èrò tó lè jẹun àárọ̀ n'Ìbàdàn kó jẹ tọ̀sán n'Ílọrin. Tó bá jẹ́ ọkọ̀ mẹ́fà ló wà nínú fótò tí márùn-ún jẹ́ ti ìpínlẹ̀ kan, ìyẹn ti ń sọ̀rọ̀ díẹ̀, àmọ́ ọ̀kan ṣoṣo, ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Bọ́ọ̀dù ṣọ́ọ̀ṣì ńkọ́? Àdírẹ́sì tí wọ́n sábà máa ń kọ sísàlẹ̀ ni ti olú ìjọ, kì í ṣe ti ẹ̀ka tó wà lẹ́yìn bọ́ọ̀dù. Bọ́ọ̀dù tó yẹ kí ẹ wá ni ti àwọn tí ò lẹ́ka níbòmíràn: káfíńtà, aránṣọ, ẹni tó ń ta bíríkì. Tí ẹ bá rí nọ́ḿbà fóònù àtijọ́ lára wọn, ìyẹn ti inú ilé ṣáájú kí GSM tó dé lọ́dún 2001, ẹ ti ríṣẹ́ ṣe, torí pé iye tó ṣáájú máa ń jẹ́ ti ìlú: 02 fún Ìbàdàn, 036 fún Ilé-Ifẹ̀, 039 fún Abẹ́òkúta. Nọ́ḿbà 080 ò sọ ìlú kankan fún wa.

A wá ní kó fi fótò náà ránṣẹ́ bó ṣe wà gan-an. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Èyí tó kọ́kọ́ fún wa, ó ti gé e! Ó ní òun gé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kúrò kó lè mọ́, torí pé igbó àti pàǹtírí ló wà níbẹ̀. Nínú igbó yẹn ni ojú irin réluwé wà, tó dábùú ọ̀nà amọ̀ pupa náà, àti bọ́ọ̀dù káfíńtà kan tó ti dípẹtà tí 035 wà lára rẹ̀. 035, Òṣogbo nìyẹn! Ohun kejì ni pé WhatsApp ló fi gbé fótò náà, WhatsApp sì máa ń bọ́ àwọn àlàyé tó wà nínú fótò kúrò, ọjọ́ àti aago tí wọ́n yà á, àti ibi tó wà tí fóònù bá kọ ọ́ sílẹ̀. Tó bá jẹ́ WhatsApp ló wà, ẹ fi ránṣẹ́ bíi dọ́kúmẹ́ǹtì, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fótò. Ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà síbẹ̀, ó sì sọ pé oṣù kẹfà ni, ago kan ku díẹ̀ lọ́sàn-án.

Ojú irin yẹn dín iṣẹ́ kù gan-an, torí pé irin àtijọ́ tó gba apá ibẹ̀ kọjá kò ju ẹyọ kan lọ, èyí tó ti Èkó wá sí Abẹ́òkúta, Ìbàdàn, Òṣogbo, Ìkìrun, Òkukù, Ọ̀fà, Ìlọrin. Ọ̀rọ̀ wá di pé ká wá ibi tí ọ̀nà ti dábùú irin. Tí ẹ bá ń lo Overpass, ìyẹn ibi tí a ti ń béèrè ohun tó wà lórí mápù OpenStreetMap, èyí tó máa kó irú ibi bẹ́ẹ̀ jáde fún yín ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun nìyí:

```
[out:json];
area["ISO3166-2"="NG-OS"]->.a;
node["railway"="level_crossing"](area.a);
out;
```

Àmọ́ èyí tí ẹnì kan ti fi sórí mápù nìkan ló máa gbé jáde. Ọ̀nà amọ̀ kékeré, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ò sí níbẹ̀, torí náà ẹ ṣì máa fi ojú tẹ̀ lé irin náà lórí àwòrán sátẹ́láìtì, kí ẹ sì yí ọdún rẹ̀ padà sí ìgbà tí wọ́n ya fótò. Ṣọ́ọ̀bù páànù kì í pẹ́ wó.

Lẹ́yìn èyí ni àríyànjiyàn dé. Ẹnì kan ní òjìji ọ̀sán máa ń na apá àríwá, òjìji póòlù sì ń bọ̀ wá sọ́dọ̀ ẹni tó ń ya fótò, torí náà gúúsù ló kọjú sí. Òfin àwọn ará òkè òkun lẹ́ẹ̀kan sí i! Lọ́dọ̀ wa níbí, láti nǹkan bí àárín oṣù kẹrin títí dé ìparí oṣù kẹjọ, oòrùn ọ̀sán gangan máa ń wà lápá àríwá orí wa, òjìji á sì bọ́ sí gúúsù. Ó máa ń kúrú pẹ̀lú: ní Òkukù nínú oṣù kẹfà, póòlù mítà mẹ́fà ò ní òjìji tó mítà méjì, nígbà tó jẹ́ pé nínú oṣù Kejìlá á tó mítà mẹ́ta àtààbọ̀, á sì na àríwá. Ẹ tún rántí pé ọ̀sán gangan tibí kì í ṣe ago méjìlá, nǹkan bí ago kan ku ogún ìṣẹ́jú ni nínú oṣù kẹfà. Ẹni tí kò bá mọ oṣù, kó má fi òjìji jẹ́rìí rárá.

Aago kámẹ́rà lè purọ́, lóòótọ́. Díìṣì DStv tó wà lórí òrùlé ló bá wa parí ìjà. Sátẹ́láìtì rẹ̀ wà ní dígírì 36 ní ìlà-oòrùn, torí náà ìlà-oòrùn, pẹ̀lú gúúsù díẹ̀, ni díìṣì yẹn máa ń kọjú sí nílẹ̀ Yorùbá. (Èyí tó bá dà bíi pé ó ń wo ojú ọ̀run gangan, sátẹ́láìtì mìíràn ló ń wò, ẹ má fi ìyẹn mọ ọ̀nà.) Nínú fótò, ọwọ́ ọ̀tún ló kọjú sí. Ọ̀tún jẹ́ ìlà-oòrùn, àríwá ni iwájú, irin sì wà lápá ìwọ̀-oòrùn títì.

Mẹ́ta péré ló ṣẹ́ kù tó bá a mu. Ọ̀kan ní afárá tí kò sí nínú fótò, ọ̀kan, irin jìnnà sí títì jù. Ẹ̀kẹta wà láàrin Ìkìrun àti Òkukù, òrùlé méjèèjì sì wà níbẹ̀ nínú àwòrán ọdún náà.

Àbúrò wa wá ní kí n kọ ọ́ sórí mápù pé “oríta tí kò lórúkọ”. Mo ní kó kọ́kọ́ bi ọlọ́kadà kan níbẹ̀. Ó ní ẹnì kan tó fi fóònù pè ní Òkukù rẹ́rìn-ín títí, igi kan ni wọ́n fi ń pe ibẹ̀ láti ayé bàbá òun, wọ́n sì ti gé igi náà tipẹ́.