Bí mo ṣe yẹ lẹ́tà ẹgbẹ́ onílé wa wò kó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn oníná

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹjọ ọdún 2024, Bàbá Akọ̀wé, ẹni tó ń kọ ìwé fún ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa, pè mí pé kí n wá bá wọn wo lẹ́tà kan kí wọ́n tó fi sọwọ́. Ilé-iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa ni wọ́n kọ ọ́ sí. Báńdì A ni wọ́n kó wa sí. Láti oṣù Kẹrin ọdún náà, tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ iná ní Nàìjíríà, ti fọwọ́ sí owó tuntun, ẹni tó wà ní Báńdì A ń san iye tó ju ìlọ́po mẹ́ta ti tẹ́lẹ̀ lọ lórí yúníìtì kan, àdéhùn sì ni pé iná rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní wákàtí 20 lójúmọ́. Ní tiwa, owó ń lọ, iná kò dé.

Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, ṣùgbọ́n ohun tí ó sọ kò ju èyí lọ: “Ó ti pẹ́ tí a ti ń jìyà. Iná kì í ju wákàtí mẹ́wàá lọ, ọjọ́ mìíràn wà tí kì í wá rárá. A ti fẹjọ́ sùn lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ kò dá wa lóhùn. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ń gbowó lọ́wọ́ àdúgbò mìíràn kí wọ́n lè fi iná wa fún wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i.”

Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo mú pẹ́ńsù. Lábẹ́ gbólóhùn kọ̀ọ̀kan tó ní nǹkan kan ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ ìwé tí a máa fà yọ bí wọ́n bá ní ká fi hàn. Èyí tí mi ò rí ìwé kọ sábẹ́ rẹ̀, mo fi pẹ́ńsù yí i ká. Nígbà tí mo parí, gbogbo lẹ́tà náà ló wà nínú òbìrìkìtì.

“Ṣé wọn ò mọ̀ pé a kò ní iná ni?” Bàbá Akọ̀wé bi mí.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n mọ̀. Àmọ́ ẹni tó máa ka lẹ́tà yìí kò gbé àdúgbò wa.”

Wákàtí mẹ́wàá ni mo kọ́kọ́ dojú kọ. Ta ló ka wákàtí náà? Ìyá tó ń ta ẹja dídì ní ìkángun òpópónà wa ni, nítorí ẹja rẹ̀ kò gbọdọ̀ yọ́. Láti ọjọ́ tí owó iná ti gòkè ló ti ní ìwé kékeré kan lórí fírísà, ó ń kọ àsìkò tí iná dé àti àsìkò tí ó lọ. A fọwọ́ ṣe ìṣirò oṣù Keje lápapọ̀, ó jẹ́ wákàtí 431. Oṣù náà ní ọjọ́ 31, nítorí náà wákàtí 620 ló yẹ ká rí. Bí a bá pín 431 sí ọjọ́ 31, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí 14 lójúmọ́. Wákàtí mẹ́wàá ti wọlẹ̀. Bí a bá kọ mẹ́wàá, ẹ̀rọ wọn fúnra rẹ̀ ló máa bá wa já irọ́, wọ́n á sì ti ibẹ̀ fa gbogbo lẹ́tà ya.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le jù ni ọjọ́ 22 sí 24 oṣù Keje, tí ìyá ẹlẹ́ja kọ òdo sí. Mo ní kí ọmọ kan bá mi bèèrè ní òpópónà kejì, tí fídà kan náà, ìyẹn wáyà ńlá tó ń gbé iná wá sí tiransífọ́mà púpọ̀, ń fún ní iná. Wọ́n ní iná wà lọ́dọ̀ wọn. Fíúsì tiransífọ́mà tiwa ló jó nígbà náà, a sì ti gbàgbé. Ìyàtọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí orí fídà ni wọ́n ti ń wọn wákàtí 20 náà, kì í ṣe ní ojúlé ẹnikẹ́ni. Fídà lè wà láàyè ní gbogbo ọjọ́ tí àdúgbò kan ń jókòó sínú òkùnkùn nítorí tiransífọ́mà rẹ̀. Bí a bá kó ọjọ́ mẹ́ta yẹn mọ́ ẹ̀sùn Báńdì A, àkọsílẹ̀ fídà lásán ni wọ́n máa gbé jáde, ọ̀rọ̀ sì ti bọ́ lọ́wọ́ wa.

Mo yọ wọ́n kúrò. Ó ku ọjọ́ 28, wákàtí 431 kò sì yí padà, torí òdo la yọ. Èyí jẹ́ wákàtí 15.4 lójúmọ́. Iye náà gòkè, ẹjọ́ wa dà bíi pé ó dínkù, inú Bàbá Akọ̀wé kò sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n 15.4 ṣì jìnnà sí 20, kò sì sí ẹni tó lè fà á ya. Nínú ìwé ìyá náà, láti ọjọ́ 8 sí 16, kò sí ọjọ́ kan tó pé wákàtí 20, ọjọ́ mẹ́sàn-án tó tẹ̀ léra. Ìlànà NERC sì sọ pé bí fídà Báńdì A bá kùnà fún ọjọ́ méje léraléra, kí wọ́n sọ ọ́ kalẹ̀ sí ìpele tó tọ́ sí iná tó ń wá. Ìpínrọ̀ yìí ló wá di ọkàn lẹ́tà náà. Ọ̀rọ̀ fíúsì gba ìpínrọ̀ tirẹ̀.

Pé Báńdì A ni owó tí a ń san, a kò kàn ní sọ lẹ́nu. Rìsíìtì tókìnnì ń sọ ọ́ fúnra rẹ̀: ìpele wà níbẹ̀, iye owó yúníìtì kan náà wà níbẹ̀. Mo tún un ṣírò lórí rìsíìtì náírà 10,000. Wọ́n ń fi owó orí VAT, ìdá 7.5 nínú ọgọ́rùn-ún, lé owó iná; bí a bá pín 10,000 sí 1.075 láti yọ ọ́, ó ku 9,302.33, tí a bá pín in sí 209.5 tó wà lórí rìsíìtì, yúníìtì 44.4 ni, bí wọ́n ṣe kọ ọ́. A ṣe fọtokópì mẹ́ta láti ilé mẹ́ta.

“Lọ́pọ̀ ìgbà” di ẹ̀ẹ̀mejì. Lórí fóònù Alága ni a ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ méjì tí ilé-iṣẹ́ náà fi ránṣẹ́, nọ́ńbà ẹ̀sùn wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a sì kọ nọ́ńbà àti ọjọ́ sílẹ̀. Ìgbà kẹta wà tí Alága lọ sọ ọ́ ní ọ́fíìsì wọn, ṣùgbọ́n kò gba ìwé kankan bọ̀, kò sì rántí ọjọ́. A yọ ọ́.

Ẹ̀sùn rìbá náà lọ pátápátá. Ó lè jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n “a gbọ́” nìkan ló wà lẹ́yìn rẹ̀, òun nìkan sì tó láti mú kí wọ́n gbé lẹ́tà náà fún lọ́yà dípò ẹni tó ń tún iná ṣe. Bàbá Akọ̀wé jiyàn lórí èyí títí ilẹ̀ fi ṣú.

Nọ́ńbà mítà, mo ní kí ọ̀kan máa pè é kúrò lórí mítà, kí èkejì máa fi ìka tọ̀ ọ́ nínú lẹ́tà. Nọ́ńbà mítà tiwa jẹ́ 11, ọ̀kan nínú lẹ́tà sì jẹ́ 10. Òdo kan ló fò. A kọ nọ́ńbà àkáǹtì síwájú nọ́ńbà mítà kí wọ́n má baà gbé ọ̀kan fún èkejì, a fi orúkọ tiransífọ́mà bí ó ṣe wà lára rẹ̀. Lókè lẹ́tà, a fún un ní nọ́ńbà tiwa, EO/04/2024, kí èsì tó bá ń bọ̀ lè ní ohun tí yóò dì mú.

“Ẹ tètè wá nǹkan ṣe sí i” ló kù. Nǹkan wo? A kọ ọ́ báyìí: kí wọ́n sọ fídà náà kalẹ̀ bí ìlànà ṣe wí, tàbí kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ wákàtí oṣù Keje hàn wá, kí wọ́n sì pààrọ̀ fíúsì tó ń jó lemọ́lemọ́. Ọjọ́ tí a ń retí èsì wà níbẹ̀.

Mo ka àwọn àfikún tí lẹ́tà dárúkọ, mo ka àwọn tó wà nínú àpòòwé, wọ́n bára mu. Ẹ̀dà méjì ni Alága gbé lọ. Wọ́n lu òǹtẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ sórí èyí tó gbé bọ̀. Nígbà tí èsì dé, EO/04/2024 wà lókè rẹ̀: wọ́n ti rán àwọn òṣìṣẹ́ sí tiransífọ́mà, wọ́n sì ní ká fi ẹ̀dà ìwé ìyá ẹlẹ́ja ti oṣù Kẹfà náà ránṣẹ́.