Èlé wọlé, àmọ́ owó mi kò ra ẹ̀rọ mọ́

Oṣù Kejìlá 2023 ni mo ti ₦500,000 mọ́ bánkì kan fún ọdún kan, ní èlé ìdá 12 nínú ọgọ́rùn-ún. Owó ẹ̀rọ ìránṣọ ni, iye tí wọ́n ń ta á nígbà náà gan-an nìyẹn, ṣọ́ọ̀bù ni mi ò tíì rí gbà. Nígbà tọ́dún pé, èlé jẹ́ ₦60,000, wọ́n yọ ìdá 10 nínú rẹ̀ fún owó orí, ₦554,000 sì bọ́ sí mi lọ́wọ́. Mo dọ́jà, ẹ̀rọ ti di ₦700,000. Bánkì wá ń kí mi kú oríire èrè! Inú bí mi débi pé mo ní mo gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ọ̀wọ́n-gógó jẹ nínú owó mi.

Iye ọ̀wọ́n-gógó tó yẹ kí n lò ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Òṣìṣẹ́ bánkì ní ìdá 28.92 ni, torí òun ni NBS, àjọ ìṣirò ìjọba, gbé jáde fún oṣù tí mo fowó sílẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, rárá o.” Iye yẹn ń sọ bí ọjà ṣe gbówó lórí láti Oṣù Kejìlá 2022 sí 2023, kí owó mi tó dé ọ̀dọ̀ yín rárá. Ti Oṣù Kejìlá 2024, ìyẹn 34.80, ló ń sọ bí ọjà ṣe gbówó lórí láti Oṣù Kejìlá 2023 sí 2024, ìgbà tí owó mi wà lọ́dọ̀ yín gan-an. A fà á títí, kò gbà, mo bá dìde.

Mo délé, ó tún ku ti àǹtí mi. Wọ́n yọ 34.8 kúrò lára 10.8 tó kù lẹ́yìn owó orí, wọ́n ní mo ti pàdánù ìdá 24. Ó pọ̀ jù. Ọjà ₦100 ti di ₦134.80, èmi sì ní ₦110.80 lọ́wọ́. Pípín la ó pín in:

```
1.108 ÷ 1.348 = 0.822
0.822 − 1 = −0.178
```

Ìyẹn ni pé nínú ọjà 100 tí owó mi lè rà tẹ́lẹ̀, 82 péré ló lè rà báyìí. Èlé gidi mi jẹ́ ìdá 17.8 sísàlẹ̀, ₦554,000 yẹn kò sì ju nǹkan bíi ₦411,000 ti 2023 lọ. Bí èlé bá jẹ́ 5, tí ọ̀wọ́n-gógó jẹ́ 3, ẹ lè yọ ọ́ bíi ti àǹtí mi, ìyàtọ̀ rẹ̀ kò tó nǹkan. Ní irú ọdún bíi 2024, ẹ má dán an wò. Inú mi dùn pé mo rí i yanjú, àmọ́ ó ṣì ń dùn mí: kí owó mi tó lè dúró sójú kan, èlé ìdá 38.7 ni bánkì ì bá san kí wọ́n tó yọ owó orí.

Àpapọ̀ oríṣiríṣi ọjà ni 34.80 yẹn sì ń sọ. Ẹ̀rọ tèmi fi ìdá 40 wọ́n sí i, nítorí náà owó mi kò ra ju ìdá 79 rẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ ohun kan pàtó lẹ ń fowó jọ fún, iye òun fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi pín in. Ní tèmi, ọwọ́ ẹni tó ń ta ẹ̀rọ ni mo ń san owó sí díẹ̀díẹ̀ báyìí, a ti fi iye rẹ̀ sínú ìwé, rìsíìtì sì wà lọ́wọ́ mi.